C-x, M-x: báwo ni mo ṣe máa ka àmì bọ́tìnnì Emacs, ṣé mo sì lè yí iṣẹ́ C-z padà?

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Emacs sórí kọ̀ǹpútà mi ni, Linux ni mò ń lò. Ìwé tí mò ń kà ní kí n tẹ C-x C-s kí n fi tọ́jú fáìlì. Mo tẹ C, mo tẹ dáàṣì, mo tẹ x, gbogbo rẹ̀ bá jáde sínú ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ. Wọ́n tún ní kí n tẹ M-x, èmi kò rí M mìíràn lórí kíbọọ̀dù yàtọ̀ sí lẹ́tà m. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé nígbàkígbà tí mo bá tẹ Ctrl pẹ̀lú z kí ohun tí mo ṣèèṣì pa rẹ́ lè padà, ńṣe ni wíńdò Emacs máa ń pòórá lójú mi. Ṣé mo lè sọ fún un pé kí C-z máa dá nǹkan padà bíi ti àwọn ètò yòókù?

Bàbá_Tẹ́mínà

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àmì ná, C-z á tẹ̀ lé e.

Dáàṣì yẹn kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀. Ó ń so bọ́tìnnì méjì pọ̀ ni. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ láì jọ̀wọ́ rẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. C dúró fún bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Ctrl sí. Nítorí náà, `C-x` ń sọ pé ẹ tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, ẹ tẹ x, ẹ wá ká ọwọ́ kúrò. Àlàfo tó wà láàárín `C-x` àti `C-s` ń sọ fún yín pé ìtẹ̀ kan parí, òmíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá jọ̀wọ́ Ctrl láàárín méjèèjì, kò burú rárá: ẹ tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, x, s, fáìlì ti wọlé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà ni ibi tí C kò bá sí níwájú lẹ́tà kejì. `C-x C-f` ló ń ṣí fáìlì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, `Find file:` á hàn ní ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n `C-x f`, tí ẹ ti jọ̀wọ́ Ctrl kí ẹ tó tẹ f, àṣẹ mìíràn gbáà ni. Ìyẹn ń bi yín pé ibo ni kí ìlà ọ̀rọ̀ gùn dé kí ó tó ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó sì rí `fill-column` nínú ìbéèrè tó bá gbé wá. Bí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó jẹ́ pé fáìlì lẹ fẹ́ ṣí, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ti tètè kúrò lórí Ctrl. Ẹ tẹ `C-g`, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà. `C-g` yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ sórí, nítorí òun ló ń fagi lé ohunkóhun tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ parí.

M ni Mẹ́tà. Nígbà tí Emacs bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní 1976, àwọn kíbọọ̀dù kan wà níbẹ̀ àti ní Stanford tí wọ́n kọ META sára bọ́tìnnì wọn kan. Kíbọọ̀dù wọ̀nyẹn ti kásẹ̀ ńlẹ̀, àmọ́ orúkọ ti wà nínú gbogbo ìwé Emacs, wọn kò yí i mọ́. Lórí kíbọọ̀dù tiwa, Alt ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. `M-x` ni kí ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ x. `M-x` á hàn ní ìsàlẹ̀, á máa retí pé kí ẹ kọ orúkọ àṣẹ kan.

Bí Alt bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lo Esc, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tẹ òun yàtọ̀. A kì í tẹ Esc mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó tẹ x. Ìdí rẹ̀ ni pé bí Emacs bá wà nínú tẹ́mínà, Esc tí x tẹ̀ lé ni tẹ́mínà fi ń ránṣẹ́ sí i nígbà tí ẹ bá tẹ Alt pẹ̀lú x, nítorí náà kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì.

Àwọn tó kù kò le. `RET` ni Enter, `SPC` ni bọ́tìnnì àlàfo, `TAB` ni Tab. Ẹ kàn ṣọ́ra fún `DEL`: bọ́tìnnì Backspace ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Delete sí lára, `<delete>` ni wọ́n ń kọ òun, nínú àmì olórí ṣóńṣó bíi ti `<f5>`.

Kọ́lá_Ọ̀nà_Kúkúrú

Ẹ̀gbọ́n ti là á dáadáa. Kí n fi kan kún un: S ni Shift, s kékeré náà Shift ni, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lórí ọ̀rọ̀ C-z, Àbẹ̀kẹ́ ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ tẹ M-x, ẹ kọ `cua-mode`, ẹ tẹ Enter. C-z á máa dá nǹkan padà, C-c á máa ṣe àdàkọ, C-x á máa gé, C-v á máa lẹ̀ ẹ́ síbi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ó parí. Bí ẹ bá sì fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é, ìlà tí èmi ń lò nìyí, inú fáìlì `.emacs` ni mo kọ ọ́ sí:

```
(global-set-key (kbd "C-z") 'undo)
```

Ẹ pa Emacs, ẹ ṣí i padà, iṣẹ́ ti ṣe.

Bàbá_Tẹ́mínà

Kọ́lá, ìlà tí o kọ yẹn dára, ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n S àti s kì í ṣe ọ̀kan náà. `S-` ńlá ni Shift. `s-` kékeré ni Súpà, ìyẹn bọ́tìnnì tí àwòrán Windows máa ń wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá kọ `s-<f5>` tó ń rò pé Shift pẹ̀lú F5 lòun kọ, Emacs kò ní bá a wí. Ó máa gbà á, á so àṣẹ náà mọ́ Súpà pẹ̀lú F5. Nígbà tí onítọ̀hún bá wá tẹ Shift àti F5, kò ní rí ohun tó ń retí.

`cua-mode` ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ń fún èèyàn ní C-z. Àmọ́ C-x àti C-c tí o sọ pé wọ́n ń gé tí wọ́n ń ṣe àdàkọ, ìgbà tí èèyàn bá ti ṣàmì sí ọ̀rọ̀ kan nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti ṣàmì sí ọ̀rọ̀, tó wá fẹ́ tẹ `C-x C-s`, àfi kó tẹ̀ ẹ́ kíákíá, tàbí kó fi Shift kún C-x, kí Emacs má bàa gbà pé gígé ló fẹ́ gé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ka `C-x C-s`, èmi kò ní fi ìyẹn kún ẹrù rẹ̀.

Kọ́lá_Ọ̀nà_Kúkúrú

Mo gba ti S. Ti cua-mode ni mi ò gbà. Ẹni tó ti ń fi C-c àti C-v ṣiṣẹ́ látìgbà tó ti mọ kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, á kàn pa Emacs tì ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀wé

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti tọ́jú fáìlì mi báyìí, mo sì ti rí `Find file:` yẹn. C-z nìkan ni mo fẹ́ yí padà, mi ò tíì fẹ́ fọwọ́ kan C-x rárá. Bàbá, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Bàbá_Tẹ́mínà

Ẹ kọ́kọ́ bi Emacs léèrè iṣẹ́ tí C-z ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ tẹ `C-h k`, ìyẹn Ctrl pẹ̀lú h, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ k nìkan. Nígbà tó bá ń retí, ẹ tẹ `C-z`. Kò ní sọ wíńdò kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Á ṣí ojú ìwé kan tí yóò sọ fún yín pé `C-z` ń pe àṣẹ `suspend-frame`. Òun ló ń gbé wíńdò yín pamọ́. Kì í ṣe pé Emacs kú, ó wà lára àwọn wíńdò tẹ́ ẹ ti sọ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ inú tẹ́mínà ni, Emacs á dúró sójú kan ni, bí ẹ bá sì kọ `fg` tí ẹ tẹ Enter, á padà wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àṣẹ tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni `undo`. Ẹ tẹ `C-h w`, ẹ kọ undo, ẹ tẹ Enter, á ka àwọn bọ́tìnnì tó ti ń pe àṣẹ náà tẹ́lẹ̀ fún yín, `C-/` àti `C-x u` wà lára wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì tí kò yí ohunkóhun padà, `C-/` ni kí ẹ máa tẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fáìlì, ẹ dán an wò lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ M-x, ẹ kọ `keymap-global-set`, ẹ tẹ Enter. Á ní kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ C-z. Á béèrè àṣẹ, ẹ kọ undo, ẹ tẹ Enter. Ẹ wá pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ẹ tẹ C-z, kí ẹ wò ó bóyá á padà. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ó kù kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí èyí tí ẹ ṣe yìí á lọ ní gbàrà tí ẹ bá ti pa Emacs.

Láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ `C-x C-f`, ẹ kọ `~/.emacs.d/init.el`, ẹ tẹ Enter. Fáìlì tí Emacs ń kà nígbà tó bá ń jí nìyẹn. Bí kò bá tíì sí, òfìfo lẹ máa rí, kò sóhun tó burú. Ẹ kọ ìlà yìí síbẹ̀:

```
(keymap-global-set "C-z" 'undo)
```

Ẹ fi kọ́sọ̀ sí ẹ̀yìn àkámọ́ ìparí, ẹ tẹ `C-x C-e` kí Emacs ka ìlà náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá tẹ `C-x C-s`. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa pa Emacs kí ẹ tó tún un ṣí, bí Kọ́lá ti sọ.

Ohun méjì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. `keymap-global-set` bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dà 29, tó jáde ní 2023. Bí tiyín bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà tí Kọ́lá kọ ni kí ẹ lò. `M-x emacs-version` á sọ èyí tí ẹ ní. Èkejì, bí fáìlì kan tó ń jẹ́ `~/.emacs` bá ti wà nílé yín, òun ni Emacs máa kà, kò ní wo `init.el` rárá. Ẹ lo ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé ìlà àwọn kò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Emacs padà, ibẹ̀ ni ìṣòro wọn máa ń wà.

Ẹ kò sì pàdánù `suspend-frame`, ó ṣì wà lórí `C-x C-z` bí ẹ bá nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìyá_Ìbejì_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, ó jọ pé tèmi náà nìyí. Mac ni mò ń lò, Yorùbá ni mo sì fi ń kọ̀wé. Bí mo bá fẹ́ fi àmì sábẹ́ e tàbí o, Option pẹ̀lú x ni mo máa ń tẹ̀ nínú gbogbo ètò yòókù. Tí mo bá dé inú Emacs, M-x ló ń jáde nísàlẹ̀, kò sì sí àmì kankan. Ṣé kí èmi náà lo `keymap-global-set` yìí láti dá a padà?

Fọlá_Onímọ̀Lẹ́tà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tiyín yàtọ̀ sí ti Àbẹ̀kẹ́ díẹ̀, `keymap-global-set` kọ́ ló máa yanjú rẹ̀. Bọ́tìnnì tẹ́ ẹ tẹ̀ ti di Mẹ́tà kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti ń wá àṣẹ. Lórí Mac, Option ni Emacs sọ di Mẹ́tà, tọwọ́ òsì àti tọwọ́ ọ̀tún, Command sì ni Súpà. Nítorí náà, Option pẹ̀lú x tẹ́ ẹ fi ń fi àmì sísàlẹ̀, M-x gan-an ni lójú tirẹ̀.

Bí ẹ bá gba M-x kúrò níbẹ̀, wàhálà mìíràn lẹ máa kó sí, ẹ kò ní rí ọ̀nà pe àṣẹ mọ́. Ẹ pín in ni mà. Ẹ fi Option ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún Mẹ́tà, kí ẹ dá tọwọ́ ọ̀tún padà fún ìkọ̀wé:

```
(setq ns-right-alternate-modifier 'none)
```

Ẹ kọ ọ́ sínú `init.el`, ẹ tẹ `C-x C-e` lẹ́yìn àkámọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, Option ọ̀tún pẹ̀lú x á fi àmì sísàlẹ̀, tòsì pẹ̀lú x á máa jẹ́ M-x.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Linux tẹ́ ẹ ń lo kíbọọ̀dù Yorùbá tó ní AltGr, ẹ kò nílò èyí. Alt ọwọ́ ọ̀tún ti di ti ìkọ̀wé tẹ́lẹ̀, tọwọ́ òsì nìkan ni Mẹ́tà.

Ìyá_Ìbejì_Lọ́ńdọ̀nù

Fọlá, o ṣeun gan-an ọmọ mi. ẹ, ọ, ṣ. Inú Emacs ni mo ti kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí o!

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀wé

Ẹ kú orí ire mà.

Bàbá, nígbà tí mo fi M-x dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wá kọ ọ́ sínú fáìlì tí mo tẹ C-x C-e, ojú ìwé ńlá kan ṣí, èyí ló wà lókè rẹ̀:

```
Debugger entered--Lisp error: (void-variable undo)
```

Ohun tí mo kọ nìyí:

```
(keymap-global-set "C-z" undo)
```

Bàbá_Tẹ́mínà

Ẹ wo iwájú undo. Àmì kékeré `'` kò sí níbẹ̀. Láìsí i, Emacs rò pé ẹ ní kí òun lọ wo ohun tó wà nínú àpótí kan tó ń jẹ́ undo, kó wá so ohun tó bá bá níbẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì. Kò sí irú àpótí bẹ́ẹ̀, ohun tí `void-variable` ń sọ nìyẹn. Àmì `'` ń sọ fún un pé orúkọ yìí gan-an ni kó mú. Ẹ tẹ q kí ojú ìwé náà kúrò, ẹ fi àmì náà sí i, kí ẹ tún `C-x C-e` tẹ̀.

Lórí M-x, ẹ kò nílò rẹ̀ nítorí Emacs mọ̀ níbẹ̀ pé orúkọ àṣẹ lẹ fẹ́ kọ.

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀wé

Ó ti ṣiṣẹ́! Wíńdò mi kò pòórá mọ́.

Mo tún fẹ́ ìkan. Wọ́n máa ń béèrè iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ mi, mo sì rí i pé `count-words` ló ń kà á. Mo fẹ́ kó wà lórí C-c, kí n wá tẹ w. Mo kọ ọ́ báyìí, ó ní `"C-cw"` kì í ṣe bọ́tìnnì tó tọ́:

```
(keymap-global-set "C-cw" 'count-words)
```

Fọlá_Onímọ̀Lẹ́tà

Àlàfo ni. `C-c` jẹ́ ìtẹ̀ kan, w jẹ́ òmíràn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ya wọ́n gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti ṣe àlàyé níbẹ̀rẹ̀:

```
(keymap-global-set "C-c w" 'count-words)
```

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé náà ni Emacs fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ síhìn-ín. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ tẹ `C-h k`, ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ ní lọ́kàn, ẹ da bó ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú àmì àyọlò yín.

Ibi tẹ́ ẹ sì mú un sí dára gan-an. Nínú àṣà Emacs, C-c tí lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀ lé, ti ẹni tó ń lò ó ni. Kò yẹ kí ètò kankan tẹ́ ẹ bá gbé wọlé fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni F5 títí dé F9. Ṣùgbọ́n `C-c C-w`, tí Ctrl wà lórí méjèèjì, ti àwọn móòdù ni, ìyẹn àkójọ àṣẹ àti bọ́tìnnì tí Emacs ń lò fún irú iṣẹ́ kan. Org, móòdù tó wà fún àkọsílẹ̀, fúnra rẹ̀ ń lò ó.

Wálé_Òǹkọ̀wé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Tèmi ti ń dùn mí látọjọ́ pípẹ́. Mo so `duplicate-line` mọ́ `C-,` nítorí pé mo máa ń fẹ́ tún ìlà kan kọ sísàlẹ̀ ara rẹ̀:

```
(keymap-global-set "C-," 'duplicate-line)
```

Nínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ṣí fáìlì Org, kò ṣe é. Bí mo bá sì ṣí Emacs nínú tẹ́mínà, kọ́mà lásán ló ń jáde. Ìlà kan náà, ibi mẹ́ta, ìwà mẹ́ta.

Bàbá_Tẹ́mínà

Wálé, ìṣòro méjì ni o ní, `C-h k` sì ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ. Ṣí fáìlì Org, tẹ `C-h k`, tẹ `C-,`. Á sọ pé `org-cycle-agenda-files` ló ń pè. Bọ́tìnnì rẹ dé ọ̀dọ̀ Emacs nígbà náà, ẹlòmíràn ló gbà á kí ó tó dé ibi tí o kọ tìrẹ sí. Emacs kì í wo àkójọ bọ́tìnnì gbogbogbò lákọ̀ọ́kọ́. Ti móòdù kéékèèké ló kọ́kọ́ ń wò, ti móòdù ńlá tí fáìlì náà wà nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e, kó tó wá dé ti gbogbogbò. Org ti kọ `C-,` sínú tirẹ̀. Nítorí náà, inú ti Org ni kí o kọ tìrẹ sí:

```
(with-eval-after-load 'org
  (keymap-set org-mode-map "C-," 'duplicate-line))
```

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ń dúró títí Org yóò fi wọlé. Láìsí i, `org-mode-map` lè má tíì sí nígbà tí Emacs bá ń ka `init.el`, wàá sì rí irú àṣìṣe tí Àbẹ̀kẹ́ rí. `org-cycle-agenda-files` ṣì wà lórí `C-'`, o kò pàdánù rẹ̀.

Ti tẹ́mínà kì í ṣe ẹjọ́ Emacs. Tẹ `C-h k` níbẹ̀, tẹ `C-,`. Á sọ pé kọ́mà lo tẹ̀, pé ó ń pe `self-insert-command`. Ctrl kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ayé ASCII ni tẹ́mínà ti jogún àwọn àmì Ctrl tó mọ̀, àwọn lẹ́tà àti àmì díẹ̀ ló sì wà níbẹ̀, kọ́mà kò sí lára wọn. Ibẹ̀ náà ni `C-i` àti `TAB` ti jẹ́ ọ̀kan náà, tí `C-m` àti `RET` sì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí o bá ń lo tẹ́mínà lóòrèkóòrè, gbé `duplicate-line` lọ sórí `C-c d`, ibi gbogbo ló máa dé.

Wálé_Òǹkọ̀wé

Ti Org ti lọ. Mo máa gbé e sórí C-c d bẹ́ẹ̀ náà, nítorí mo máa ń wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ilé, tẹ́mínà nìkan ni mo sì ń rí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ò ní yí C-z padà bíi ti Àbẹ̀kẹ́ o. Nínú tẹ́mínà, mo nílò rẹ̀ kí n fi dá Emacs dúró, kí n ṣe nǹkan kékeré kan, kí n fi `fg` padà.

Kọ́lá_Ọ̀nà_Kúkúrú

C-x C-z ṣì wà fún ìyẹn, Bàbá ti sọ ọ́.

Wálé_Òǹkọ̀wé

Ìtẹ̀ méjì nìyẹn dípò ọ̀kan, gbogbo ètò inú tẹ́mínà ló sì ń fi C-z dúró. Mi ò fẹ́ kí Emacs nìkan yàtọ̀.

Fọlá_Onímọ̀Lẹ́tà

Ẹ lè ní kó yàtọ̀ sí ibi tó bá wà. Ìlà yìí á yí C-z padà nígbà tí Emacs bá bẹ̀rẹ̀ nínú wíńdò tirẹ̀ nìkan, á fi ti tẹ́mínà sílẹ̀:

```
(when (display-graphic-p)
  (keymap-global-set "C-z" 'undo))
```

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ló ń béèrè, nígbà tó bá ń ka fáìlì. Ẹni tó bá ń lo Emacs kan náà fún wíńdò àti tẹ́mínà lẹ́ẹ̀kan náà láti ara `emacsclient`, kò ní bá a mu.

Wálé_Òǹkọ̀wé

`emacsclient` gan-an ni mò ń lò.

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀wé

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè kan sí i. M-TAB ni ìwé mi tún ní kí n tẹ̀. Mo tẹ Alt mọ́lẹ̀, mo tẹ Tab, ó gbé mi lọ sínú wíńdò ẹ̀rọ ìtàkùn mi. Mo tẹ `C-h k` ṣáájú bí ẹ ṣe kọ́ mi, ohun kan náà ló ṣe, Emacs ṣì ń retí ní ìsàlẹ̀ nígbà tí mo padà dé.

Bàbá_Tẹ́mínà

Bó bá ṣì ń retí, bọ́tìnnì náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ètò tó ń darí àwọn wíńdò lórí Linux yín ló gba Alt pẹ̀lú Tab lójú ọ̀nà, ohunkóhun tí ẹ bá kọ sínú `init.el` kò lè gbà á padà. Ẹ tẹ `C-g` kí ó má retí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Esc bí mo ti sọ: ẹ tẹ Esc, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ tẹ Tab. Nínú ọ̀pọ̀ móòdù, `C-M-i` náà ń pe àṣẹ kan náà, Ctrl àti Alt ni ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó tẹ i.